Fíìmù tó yí bìrí lẹ́yìn: níbo gan-an ni olùdarí fi àmì sí?

ÌyáÌgbógbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa mẹ́jọ la máa ń wo fíìmù pọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé ní Ìgbógbó níbí, ní Ìkòròdú. Èyí tí a wò kẹ́yìn ni The Sixth Sense ti ọdún 1999, tí M. Night Shyamalan kọ tó sì darí. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó yáa sáré jáde, nítorí màá sọ òpin rẹ̀.

Nígbà tó parí, ilé pín sí méjì. Apá kan ní olùdarí rẹ́ wa jẹ: ó fi Malcolm, dókítà tó ń tọ́jú ọmọ kan tó máa ń rí òkú, hàn wá bí alààyè jálẹ̀, ó wá ń sọ fún wa lópin pé ọkùnrin náà ti kú látọjọ́ yìí. Apá kejì ní gbogbo rẹ̀ ló wà níwájú wa, àwa la ò rí i. Ìbéèrè mi ni pé: níbo gan-an ni àmì wà, kí ló sì fà á tí ojú mẹ́rìndínlógún kò fi rí i? A fẹ́ tún un wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ mọ ibi tí màá ti dá a dúró.

Ọmọ_Ìpakòdò

Màmá, ìyẹn ò le rárá. Àwọ̀ pupa ni kí ẹ máa wò. Ọwọ́ ilẹ̀kùn yàrá abẹ́ ilé wọn pupa. Bàlúùnù tó fò lọ sókè níbi ọjọ́ ìbí pupa. Àgọ́ tí ọmọ náà fi aṣọ ta sínú yàrá rẹ̀ pupa. Obìnrin tó ń fún ọmọ rẹ̀ ní májèlé, pupa ló wọ̀ níbi ìsìnkú ọmọ náà. Fíìmù yòówù tó bá máa yí bìrí lẹ́yìn, ẹ wá pupa, ẹ ti mọ òpin rẹ̀.

Agéfíìmù_Ẹ̀pẹ́

Àbúrò, ìdajì òótọ́ lo sọ. Pupa wà nínú èyí lóòótọ́, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí i. Wọ́n yọ ọ́ kúrò níbi púpọ̀ kó lè yọ síta níbi tí wọ́n fẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ẹ pé Malcolm ti kú. Ohun tó ń sọ kò ju pé ayé kejì ti fara kan nǹkan yìí. Tí o bá wá gbé òfin yẹn lọ sínú fíìmù mìíràn, wàá kàn máa lé gèlè pupa kiri ni, gèlè tí ẹni tó ń bójú tó aṣọ rà nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n.

Ìyáa wa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ti gé fíìmù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan tí Malcolm ti tọ́jú nígbà kan rí yọ sí i nínú ilé, ó yìnbọn fún un níkùn, ó sì pa ara rẹ̀. Malcolm ṣubú sórí ibùsùn, ìyàwó rẹ̀ sáré bò ó. Àwòrán lọ. Nígbà tí àwòrán tún dé, wọ́n kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé ọdún ti yí, Malcolm sì jókòó níta pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń dúró de ọmọ náà.

Ẹ tún un wò. Kò sí ọsibítù. Kò sí ẹni tó yọ ọta. Kò sí ọjọ́ tó padà sílé. Olùdarí kò fìgbà kan sọ pé ó yè. Àwa la sọ bẹ́ẹ̀ fún ara wa, nítorí pé a rí i tó jókòó. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Nínú fíìmù èyíkéyìí, bí ìpalára ńlá bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan tí wọ́n sì fo gbogbo ìgbà tó yẹ kó fi gba ìtọ́jú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ni wọn ò ní, tàbí wọn ò fẹ́ kí fíìmù gùn jù. Àmọ́ bí ẹ̀tàn bá wà, inú ihò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn láti sin ín sí.

Ibi kejì ni ilé oúnjẹ. Àyájọ́ ìgbéyàwó wọn ni. Malcolm pẹ́ dé, ìyàwó ti jókòó. Ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì, ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ tó dá a dúró. Ìyàwó ò fèsì. Wọ́n gbé ìwé owó oúnjẹ wá, Malcolm nawọ́ sí i, ìyàwó ti mú un kí ọwọ́ rẹ̀ tó débẹ̀. Ó parí tirẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ìkíni àyájọ́ kan tútù bí omi àmù, ó dìde, ó lọ.

Ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ wá wò ó. Malcolm kò fa àga. Wọ́n ti fà á sílẹ̀ kó tó dé, ó kàn rọra bọ́ sínú rẹ̀ ni. Kò fọwọ́ kan ife, kò fọwọ́ kan ìwé owó. Ojú obìnrin náà kò bá tirẹ̀ pàdé rí, ó ń wo àwo rẹ̀ tàbí tábìlì. Bí ẹ bá fi ọwọ́ bo apá ibi tí Malcolm wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ohun tó kù kò ju opó kan tó lọ dá jẹun ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Kí ló wá dé tí a ò rí i? Olùdarí ti fún ìdákẹ́jẹ́ náà lórúkọ kí ó tó dé. Ọkọ pẹ́ dé, ìyàwó ń bínú. Ta ni kò mọ ìyàwó tó ń bínú? Bí ohun kan bá ti ní orúkọ lọ́kàn òǹwòran, kò ní wá orúkọ mìíràn fún un mọ́. Iṣẹ́ náà nìyẹn, kì í ṣe pé kí a fi àmì pamọ́ sẹ́yìn aṣọ títa, ká gbé e ka orí tábìlì ká sì fún un ní àlàyé tó rọrùn ni.

BàbáÀlọ́

Mo kí yín o, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ ṣì gbọ́. Abala tí ìjíròrò yìí wà lórí pátákó wa ni ti àwọn fíìmù tí asọ̀tàn ti ń purọ́. Nínú fíìmù tí ẹ ń wí yìí, ta ni asọ̀tàn? Mi ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni tó ń sọ pé ní ọjọ́ kan báyìí. Nínú àlọ́, a mọ ẹni tó ń pa á, a sì mọ̀ pé Ìjàpá kì í sọ òótọ́, nítorí náà a ti múra. Bí kò bá sí ẹni tó ń sọ ìtàn, irọ́ ta la fẹ́ mú?

Agéfíìmù_Ẹ̀pẹ́

Bàbá, ìbéèrè yín gún régé ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nínú fíìmù, ẹni tó ń sọ ìtàn kò nílò ẹnu. Ẹni tí kámẹ́rà bá ń tẹ̀ lé, tó jẹ́ pé ohun tó mọ̀ la mọ̀, òun ni asọ̀tàn wa. Malcolm la ń tẹ̀ lé níhìn-ín jù. Àmọ́ ẹ ti fọwọ́ kan ohun kan: Malcolm kò purọ́. Wọ́n tan òun gan-an jẹ. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó mọ òótọ́ tó ń gbé e pamọ́ àti ẹni tí kò mọ̀ rárá, ibi tí a ti ń wá àmì wọn kì í sì í ṣe ibì kan náà.

Bí asọ̀tàn kò bá mọ òótọ́, ẹ má wo òun. Ẹ wo àwọn tó yí i ká. Ìwà wọn ni kò ní bá ohun tó rò mu: wọn ò ní dá a lóhùn, wọn ò ní yà fún un lọ́nà, wọn ò ní bi í ní ìbéèrè tó yẹ. Ẹ lọ sí ibi tí ìyá ọmọ náà àti Malcolm ti jókòó sí ìkòjú ara wọn ní pálọ̀ nígbà tí ọmọ ti ilé ìwé dé. Bí ẹ ti rí wọn, ẹ ó rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán ni. A ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n gé sí ibi tí ìdákẹ́jẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, àwa la fúnra wa kún ìjíròrò tí kò wáyé sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá dìde, ọmọ rẹ̀ nìkan ló bá sọ̀rọ̀.

Bí asọ̀tàn bá mọ òótọ́ tó ń purọ́, ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀, kí ẹ máa gbọ́ òun. Kí ó sọ ohun tí kò yẹ kó mọ̀, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń tẹ̀ ẹ́.

BàbáÀlọ́

Àwọn àgbà ti ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ti rí i báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ibì kan wà tí Malcolm kò sí níbẹ̀ rárá. Ìyá ọmọ náà jáde kúrò ní kíṣìnì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nígbà tó padà, gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Malcolm kò rí ìyẹn. Ta ló wá sọ fún wa?

Agéfíìmù_Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣeun, Bàbá! Ìyẹn ni ohun tó tan ọ̀pọ̀ jẹ jù. Nítorí pé kámẹ́rà máa ń fi Malcolm sílẹ̀ lọ sí ibòmíràn, a gbà pé kámẹ́rà kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, pé ohun tó bá fi hàn wá ni bí ayé ṣe rí. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Kámẹ́rà kò purọ́ nínú fíìmù yẹn. Ó rí òkú, ó sì fi òkú hàn wá. Àwọn òkú yòókù ní ọgbẹ́ tó hàn, tirẹ̀ wà lẹ́yìn, ní ibi tí kóòtù bò.

ỌmọÀgbádárìgì

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí. Fíìmù kékeré ìṣẹ́jú 15 la ń ṣe ní Àgbádárìgì. Akápò ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń ṣàlàyé fún alága bí owó àjọ wọn, ₦340,000, ṣe pòórá lóru nínú àpótí tó wà ní èbúté. Òun gan-an ló kó o, ó sì wa ọkọ̀ gbé e kọjá sí Gbẹrẹfú. Bí ó ṣe ń ṣàlàyé ni àwòrán ń tẹ̀ lé e. Àmì tí a fi sí i ni pé bàtà rẹ̀ tutù. A fi han ènìyàn mẹ́fà. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló mọ olè kí ó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kí ni a ṣe tó burú?

Agéfíìmù_Ẹ̀pẹ́

Báwo lẹ ṣe ya bàtà náà? Láti òkèèrè ni àbí láti itòsí? Ó pẹ́ tó báwo lójú, kí ló sì tún wà nínú àwòrán náà?

ỌmọÀgbádárìgì

Láti itòsí pátápátá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Bàtà nìkan ló wà níbẹ̀. A fi ìlù díẹ̀ sí i lábẹ́.

Agéfíìmù_Ẹ̀pẹ́

Háà. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó.

Ní èbúté, bàtà ta ni kò tutù? Gbogbo ọlọ́kọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn tutù. Bàtà yẹn kò sọ nǹkankan nípa olè. Kámẹ́rà yín ló sọ ọ́. Nígbà tí ẹ bá kúrò lára ènìyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀, tí ẹ lọ dúró lórí bàtà kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin pẹ̀lú ìlù, ẹ ti fi ìka tọ́ akápò. Òǹwòran kò nílò kó ronú nípa omi, ó ti mọ̀ pé ẹni tó ni bàtà ni. Ìdí nìyẹn tí mẹ́fà nínú mẹ́fà fi mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ kí bàtà wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà nínú àwòrán tó gbòòrò, níbi tí ènìyàn mẹ́rin jókòó, tí ẹnì kan ń bu omi fọ ẹsẹ̀, tí ọmọdé kan ń kọjá. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, èmi máa jù ú nù. Akápò yín mọ òótọ́, ó ń purọ́. Ẹnu rẹ̀ ni ẹ máa fi mú un.

Kí ló sọ pé òun ń ṣe lóru náà?

ỌmọÀgbádárìgì

Ó ní òun ti wà nílé láti aago mẹ́sàn-án, òun ti sùn.

Agéfíìmù_Ẹ̀pẹ́

Ó dáa. Ẹ gbé fìtílà kan kọ́ sórí pèpéle èbúté. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹta fíìmù, ẹ jẹ́ kí akápò sọ báyìí: «Alága, ibẹ̀ ṣókùnkùn birimù lóru náà, atẹ́gùn ti pa fìtílà, ẹni tó wá yìí mọ ibi tó ń tẹ̀, ó gbé ₦340,000 lọ gbáà.» Ẹni tó ní òun ti sùn nílé láti aago mẹ́sàn-án, báwo ló ṣe mọ̀ pé fìtílà kú?

Ṣé ẹ rí ibi tí fìtílà wà nínú gbólóhùn náà? Àárín. Wọn ò fi í bẹ̀rẹ̀, wọn ò fi í parí. Ohun tó kẹ́yìn létí ni òǹwòran máa ń gbé lọ, owó ni ẹ sì fi síbẹ̀. Kí ẹ tún wá fi nǹkan bò ó lójú ẹsẹ̀: kí alága já a lẹ́nu pé ₦350,000 ni òun kà, kì í ṣe ₦340,000. Kí wọ́n jiyàn lórí ₦10,000 yẹn fún ìdajì ìṣẹ́jú. Gbogbo òǹwòran yóò máa ṣírò owó. Kò sì sí ohun tó burú bí ọ̀rọ̀ ₦10,000 náà bá ní ìdáhùn tirẹ̀ lẹ́yìn, bí kò bá ní, wọ́n máa bínú sí yín.

Nígbà tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ fìtílà, kí kámẹ́rà má wà lójú akápò. Ẹ jẹ́ kó wà lára alága tó ń pa obì, a ó kàn máa gbọ́ ohùn akápò ni.

Ní ìṣẹ́jú kẹjọ, ẹ mú olùṣọ́ òru wọlé. Ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gba owó ìtanràn lọ́wọ́ òun nítorí pé òun sùn. Láàárín ẹ̀bẹ̀ náà, ó ní nígbà tí òun jí ní ìdájí, òun tan fìtílà padà kí ẹnikẹ́ni tó dé, òun ò sì sọ fún ẹnì kan. Ó ń dárúkọ fìtílà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, kì í ṣe nítorí olè. Àlàyé tó rọrùn tí mo wí nípa ilé oúnjẹ nìyẹn: ọ̀rọ̀ náà ti ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ohun tí òǹwòran nílò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹtàlá, alága kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa kàn bi í pé: «Ta ló sọ fún ẹ pé fìtílà kú?»

Ẹ má tún àwòrán tẹ́lẹ̀ fi hàn níbẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 15, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà létí wọn. Fíìmù gígùn ló nílò kí wọ́n rán òǹwòran létí, bí Shyamalan ti ṣe nígbà tí òrùka bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó tó ń yí lórí ilẹ̀.

Akọ̀wé_Odògùnyàn

Mo fara mọ́ ti fìtílà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í nípa àwòrán. Ó ní bí akápò ṣe ń ṣàlàyé ni àwòrán ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá sọ pé òun sùn, kí ni ẹ fẹ́ fi hàn? Bí ẹ bá fi hàn pé ó sùn sórí ẹní, irọ́ ni kámẹ́rà pa, ìyẹn sì ni ohun tí apá kan ilé ÌyáÌgbógbó ń bínú sí. Hitchcock ṣe é nínú Stage Fright ní 1950: ọkùnrin kan ń ṣàlàyé nínú ọkọ̀, àwòrán fi gbogbo rẹ̀ hàn bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀, irọ́ ni. Àwọn òǹwòran bínú, òun náà sì gbà nígbà tó ń bá Truffaut, olùdarí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sọ̀rọ̀ pé àṣìṣe ni òun ṣe.

Agéfíìmù_Ẹ̀pẹ́

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n The Usual Suspects ṣe ohun kan náà ní 1995, wọ́n sì fún Christopher McQuarrie tó kọ ọ́ ní ẹ̀bùn Oscar. Ọkùnrin kan jókòó nínú ọ́fíìsì, ó ń ro ẹjọ́ fún aṣèwádìí, àwòrán ń tẹ̀ lé e, kò sí bí a ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọn ò jẹ́ ká gbàgbé ọ́fíìsì náà. Lẹ́yìn àwòrán díẹ̀, a tún padà síbẹ̀, a tún rí i pé ẹnu ọ̀daràn ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Wọ́n tilẹ̀ fi hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ojú rẹ̀ ń rìn kiri ara ògiri níbi tí wọ́n lẹ ìwé mọ́. Ibẹ̀ ló ti ń ka orúkọ tó ń fi purọ́. Ti Stage Fright, ìgbà kan péré ni wọ́n sọ ọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀, a sì ti gbàgbé pé ẹnu ẹnì kan ló ti wá.

Akọ̀wé_Odògùnyàn

Àwíjàre nìyẹn. Irọ́ ni irọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Bí mo bá lè máa fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ hàn, kí ni òǹwòran fẹ́ fi ojú ṣe?

Agéfíìmù_Ẹ̀pẹ́

Ọ̀rọ̀ náà kò ní tán láàárín àwa méjèèjì. Fún ỌmọÀgbádárìgì, ọ̀nà kan wà tí kò ní fa ìjà. Nígbà tí akápò bá sọ pé òun wọlé sùn, ẹ fi í hàn níta bó ṣe ń wọlé, tí ilẹ̀kùn sì tì. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má tẹ̀ lé e wọlé. Ohùn rẹ̀ ló ń sọ pé «mo sùn», ilẹ̀kùn ni àwòrán fi hàn. Ó wọlé lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó fi hàn pé kò tún jáde.

Ẹ wá fi han ènìyàn márùn-ún tuntun. Ẹ má lo àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ mọ́, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ dá a dúró ní ìṣẹ́jú kẹwàá, kí ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan má gbọ́ ti ẹnì kejì: kí lẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Bí mẹ́ta bá dárúkọ akápò, tí wọ́n sì dárúkọ fìtílà, àmì náà ti hàn jù, ẹ dín ohùn olùṣọ́ kù. Bí wọ́n bá dárúkọ akápò láì mọ ìdí, ẹni tó ń ṣe akápò ló ń ṣe bí olè, ẹ sọ fún un kó má máa yí ojú. Bí kò bá sẹ́ni tó mọ̀, tó sì jẹ́ pé lẹ́yìn ìbéèrè alága wọ́n ṣì ń wo ara wọn pé fìtílà wo, ẹ ti rì í jù. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ fìtílà sún mọ́ ìparí gbólóhùn díẹ̀.

Ọmọ_Ìpakòdò

Mo ti fi pupa sílẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ gbọ́ èyí. Nínú Shutter Island tí Scorsese ṣe ní 2010, obìnrin aláìsàn kan ń mu omi lójú wa, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé ọwọ́ sókè, kò sí ife lọ́wọ́ rẹ̀! Ó wá gbé ife sórí tábìlì, ife wà níbẹ̀. Àmì ni àbí àṣìṣe?

Agéfíìmù_Ẹ̀pẹ́

Èmi gbà pé àmì ni, nítorí pé omi àti iná ni ọkùnrin tí a ń tẹ̀ lé fi ń rí ayé jálẹ̀ fíìmù náà, ó sì bá bí ojú rẹ̀ ṣe ń fo ohun tí kò fẹ́ rí mu. Bí mo ṣe máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé àṣìṣe kì í ní ìdí, ó kàn ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ife kún, ife gbẹ, kò sí ẹni tí ó kan. Àmì máa ń padà wá, ẹnì kan náà ló sì máa ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, mi ò ní fi orí mi búra.

Akọ̀wé_Odògùnyàn

Èmi ní tèmi rò pé ìdajì ohun tí ẹ ń pè ní àmì ni ẹni tó ń bójú tó àwọn ohun èlò gbàgbé.

BàbáÀlọ́

Ṣé ti wa ńkọ́? The Figurine tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2009. Ọdún méje ire, ọdún méje ibi. Ṣé òrìṣà Àràròmirè ló ṣe é, àbí ọwọ́ ọ̀rẹ́? Wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀ fún wa, wọ́n tún bi wá lópin pé èwo la gbà gbọ́. Ṣé ìyẹn náà yí bìrí, àbí ó kàn dúró ní agbede méjì?

Agéfíìmù_Ẹ̀pẹ́

Bàbá, ìyẹn le ju èyí tó yí bìrí lọ. Ẹni tó fẹ́ kí ó yí bìrí máa ń pa ìtumọ̀ àkọ́kọ́ lópin. Níhìn-ín, ohun kọ̀ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé gbé fún òrìṣà, kó sì tún ṣeé gbé fún ènìyàn, títí tó fi parí. Bí ọ̀kan péré bá jẹ́ ti òrìṣà nìkan, ìbéèrè ti bàjẹ́. Àwọn kan ní ó bàjẹ́ níbì kan. Ẹ jẹ́ ká dá okùn tuntun sílẹ̀ fún un.

ÌyáÌgbógbó

Ẹ ṣeun gan-an. Kí n wá mọ ohun tí màá ṣe ní Sátidé. Wákàtí méjì kò ní tó kí a máa dá gbogbo rẹ̀ dúró, jẹnẹrétọ̀ náà sì ń mu epo.

Agéfíìmù_Ẹ̀pẹ́

Ẹ má dá gbogbo rẹ̀ dúró, Ìyáa wa. Ibi mẹ́ta ti tó: lẹ́yìn ìbọn, pálọ̀, ilé oúnjẹ. Ẹ pín bébà sí méjì. Apá kan, ẹ kọ ẹni tó dá Malcolm lóhùn pẹ̀lú ẹnu. Apá kejì, ẹ kọ ohun tí ó fọwọ́ tì tó sì mì lójú ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìbọn, orúkọ ọmọ náà nìkan ni ẹ ó máa rí ní apá àkọ́kọ́. Ti ilé oúnjẹ, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́ láìsí ohùn. Bí ẹ bá dé yàrá abẹ́ ilé, ẹ ó rí i pé ó ń fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, lẹ́yìn náà wọ́n gé e, ó ti wà nínú. Ẹ kò ní rí i kó ṣí i.

Ọmọ_Ìpakòdò

Màmá, ẹ fi fóònù ya ìran ilé oúnjẹ náà fúnra yín, bí àwọn Ikorodu Bois ṣe máa ń fi bárò àti ohun inú ilé tún fíìmù ńlá yà. Kí ẹnì kan ṣe Malcolm. Bí ó bá fẹ́ jókòó, ẹ ó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ máa fẹ́ fa àga láìmọ̀. Ìgbà náà ni ẹ ó mọ̀ pé ẹnì kan ti fa àga yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó tan kámẹ́rà.

Agéfíìmù_Ẹ̀pẹ́

Èyí dáa ju ọ̀rọ̀ pupa lọ fíìfíì.

ỌmọÀgbádárìgì

Ẹ̀gbọ́n, a ti tún ọ̀rọ̀ fìtílà kọ. Ọjọ́bọ̀ la máa yà á.

Akọ̀wé_Odògùnyàn

Fìtílà wo lẹ fẹ́ lò? Èyí tó wà nínú àwòrán tí ẹ gbé sókè lánàá, ti bátìrì ni. Atẹ́gùn ọ̀sà kì í pa ti bátìrì.

ỌmọÀgbádárìgì

Ha! Mo ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n wá ti kẹrosíìnì kiri.